Hẹ́ẹ̀dì mítà 48 fún pọ́ǹpù omi tútù: ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yẹ ẹ́ wò, ṣílà méjì, àpótí atẹ́gùn mẹ́rin, Ògbómọ̀ṣọ́

ỌmọAjílété

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yẹ nǹkan kan wò kí n tó kówó fún ẹni tó ń ta pọ́ǹpù fún wa. Iṣẹ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ló wà lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ṣílà méjì tó ń mú omi tutù ló wà lẹ́yìn ilé, kílówáàtì 175 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú ló sì ní pọ́ǹpù tiẹ̀ tó ń ti omi gba inú ẹ̀ kọjá, ìyẹn ni práímárì. Pọ́ǹpù mìíràn ló máa wá gba omi tútù yẹn lọ fún àwọn àpótí atẹ́gùn mẹ́rin tó wà káàkiri ilé, ìyẹn ni sẹ́kọ́ńdírì. Páìpù afárá kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Lórí dúrọ́ìn, AHU-1 sí AHU-4 ni wọ́n kọ sára àwọn àpótí yẹn. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ kílówáàtì 70, 70, méjì tó kù jẹ́ 105, 105, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 350. Omi ń jáde lọ ní dígíríì 7, ó ń padà ní 12.5.

Bí mo ṣe ṣírò hẹ́ẹ̀dì pọ́ǹpù sẹ́kọ́ńdírì, ìyẹn agbára tó máa fi ti omi, rèé. Mo ka gbogbo nǹkan tí omi máa bá pàdé lọ́nà, mo sì ro wọ́n pọ̀. Kọ́ìlì AHU-1 ń jẹ kílópásíkà 62, AHU-2 ń jẹ 30, AHU-3 àti 4 ń jẹ 25, 25, ìyẹn 142. Fáàfù kọ̀ntírólù mẹ́rin, 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 120. Páìpù pẹ̀lú ẹ́bò àti tíì, 47. Asẹ́ àti fáàfù bálánsì, 15. Inú ṣílà, 55. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 379, tó bá di mítà omi ó jẹ́ 38.6. Ilé náà ga ní mítà 9, mo fi ìyẹn náà kún un, ó di 47.6, mo bá kọ 48. Ẹni tó ń ta pọ́ǹpù ní mọ́tò kílówáàtì 15 ló máa gbé e, ẹni tó nilé wá bi mí pé ṣé jẹnẹrétọ̀ òun máa lè gbé ìyẹn pẹ̀lú ṣílà, ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Ohun kejì, wọ́n ní kí n dín páìpù kù sí ínṣì 3 lẹ́yìn tí mo bá ti yọ ti AHU-1 àti 2 kúrò, torí owó. Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Plọ́ḿbà Sábó

Mítà 48 yẹn gan-an kéré lójú tèmi o. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí òkúta ni ní ọ̀pọ̀ ibi, omi máa ń jìn. Mo gbé pọ́ǹpù kan sínú bọ́hóòlù ilé alájà kan ní Sábó, àwọn náà ní ká dín in kù torí owó, omi ò gun táńkì òkè rárá, ká tó parí ẹ̀ a tún ra òmíràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kóo yọ mítà 9 yẹn kúrò. Òkè tí omi máa gùn ni àkọ́kọ́ nínú ohun tí èèyàn ń kà.

Ẹnjiníà Tákìé

Bọ̀ọ̀dá Plọ́ḿbà, ẹ má bínú, kì í ṣe bọ́hóòlù ni wọ́n ń béèrè o. Omi ṣílà yìí ò jáde síta níbì kankan, ó ń yí po nínú páìpù ni. Gbogbo omi tó gòkè ló ní ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì, ìwúwo ẹni tó ń sọ̀ ló ń gbé ẹni tó ń gòkè. Torí náà ọmọ ìyá mi, yọ mítà 9 yẹn dànù.

Àṣìṣe kejì, àwọn kọ́ìlì mẹ́rin yẹn ò sí lórí ìlà kan náà. Omi tó wọ AHU-1 kò ní wọ AHU-2 mọ́, ilé ló ń lọ. Ẹyọ omi kan, kọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń kọjá, fáàfù kọ̀ntírólù kan ṣoṣo. O ò lè ro mẹ́rin pọ̀. Èyí tó jìnnà jù ni wọ́n ń mú, ìyẹn AHU-4: páìpù 47, kọ́ìlì 25, fáàfù 30, asẹ́ àti bálánsì 15, ṣílà 55. Ìyẹn jẹ́ 172, mítà 17.5. Ra pọ́ǹpù mítà 18, ó ti parí.

ỌmọAjílété

Háà. Láti 48 sí 18? Ẹ ṣé gan-an sà. Ẹ̀rù kàn ń bà mí ni, torí tí omi ò bá dé AHU-4 lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi ni wọ́n máa pè.

Plọ́ḿbà Sábó

Ẹ ṣé ẹnjiníà, mo ti rí i báyìí. Èmi rò pé omi ń jáde ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ bu omi sínú ẹ̀, ta ló máa gbé e gun mítà 9 yẹn?

Bàbá Ṣílà

Plọ́ḿbà Sábó, ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn. Pọ́ǹpù yìí kọ́ ló máa gbé e gun. Omi tí wọ́n ń bù síbẹ̀ ló máa ní agbára tiẹ̀, bóyá láti táńkì òkè tàbí pọ́ǹpù kékeré kan. Géèjì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kà tó báà 1.3 sí 1.4 kí wọ́n tó tan nǹkan kan: 0.9 nínú ẹ̀ ni mítà 9 yẹn, ìyókù ni kí agbára lè ṣẹ́kù lókè ilé kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni gíga ilé ti wúlò.

Àbúrò mi ỌmọAjílété, Ẹnjiníà Tákìé ti yọ méjì nínú ẹ̀gún ẹsẹ̀ ẹ, òótọ́ ni wọ́n sọ lórí gíga ilé àti lórí kọ́ìlì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n méjì kù. Àkọ́kọ́ ni ṣílà tí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀. Wo iṣẹ́ tí páìpù afárá ń ṣe. Ó kúrú, ó sì tóbi, kò sí fáàfù kankan lórí ẹ̀, torí náà agbára omi ní orí ẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tó bá ti dọ́gba, pọ́ǹpù práímárì ò lè ti sẹ́kọ́ńdírì, sẹ́kọ́ńdírì náà ò lè ti práímárì, kálukú ń yí omi nínú ilé tiẹ̀. Ó dà bí ọlọ́kadà tó gbé ẹ láti Láútẹ́ẹ̀kì dé Tákìé, tí òmíràn wá gbé ẹ láti Tákìé lọ sí Sábó. Ẹni kejì ò lè gba owó ọ̀nà Láútẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ ẹ. Pọ́ǹpù práímárì ti san 55 ṣílà, o ò gbọ́dọ̀ san án lẹ́ẹ̀kejì.

Fún práímárì, omi ṣílà kan jẹ́ lítà 7.6 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ṣílà jẹ 55, páìpù inú yàrá ẹ̀rọ lè jẹ 15, asẹ́ àti fáàfù 15, gbogbo ẹ̀ 85, mítà 8.7. Pọ́ǹpù mítà 9.5 ti tó ọ̀kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ pé èyí tó jìnnà jù ni ká mú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò mọ jíjìnnà, ohun tó nira jù ló mọ̀. Wo kọ́ìlì AHU-1 tìẹ, 62! Ẹgbẹ́ ẹ̀ AHU-2 tí agbára wọn dọ́gba ń jẹ 30. Kí ló fà á tí ìyẹn fi ju ìlọ́po méjì lọ? Bá mi fi gígùn páìpù ránṣẹ́ ní apá kọ̀ọ̀kan, ká ṣe é pọ̀ níbí.

ỌmọAjílété

Ẹ ṣé bàbá. Láti yàrá ẹ̀rọ dé ibi tí AHU-1 àti 2 ti ń yà jẹ́ mítà 30 ní àlọ, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà lójú kan náà. Láti ibẹ̀ dé ibi AHU-3 mítà 25. Láti AHU-3 dé AHU-4 mítà 20. Ní AHU-1, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, ẹni tó ń ra ọjà ló rí i ní owó pọ́ọ́kú, ó ti dé sáìtì, ó wà lábẹ́ tapólì báyìí.

Bàbá Ṣílà

Ó dáa. Omi àkọ́kọ́. Yọ 7 kúrò nínú 12.5, ó ku 5.5, ìyẹn ni ΔT. Èyí ni gbogbo ìṣírò ibẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ:

```
L/s = kW / (4.19 × ΔT)
350 / (4.19 × 5.5) = 15.2
210 / (4.19 × 5.5) = 9.1
105 / (4.19 × 5.5) = 4.56
70  / (4.19 × 5.5) = 3.04
```

Apá kìíní gbé gbogbo omi, 15.2. Nínú páìpù irin ínṣì 4, eré ẹ̀ jẹ́ mítà 1.85 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ó sì ń jẹ bíi pásíkà 330 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í fẹ́ kó kọjá 400, torí náà ínṣì 4 gbà á. Àwọn kan máa ní kóo fi ínṣì 6 sí i, lóòótọ́ ó máa já sí bíi 43 lórí mítà kan, ṣùgbọ́n wo iye fáàfù ínṣì 6, wo ìbora, wo háńgà tó máa gbé e, fún mítà 60 péré. Mi ò rí èrè tó wà níbẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ 60 nígbà 330, kílópásíkà 19.8.

Apá kejì ni ibi tí wọ́n ti ní kóo dín in kù. Omi tó kù níbẹ̀ jẹ́ 9.1. Nínú ínṣì 3 ó máa jẹ 480 lórí mítà kan, ní mítà 50 àlọ àti àbọ̀ ìyẹn jẹ́ 24. Nínú ínṣì 4 ó máa jẹ 125, mítà 50 jẹ́ 6.3. Ínṣì 3 yẹn á gbà ẹ́ ní kílópásíkà méjìdínlógún láfikún, wàá sì máa san án ní gbogbo wákàtí tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Má dín in kù. Ìgbà tó bá ku AHU-4 nìkan, 4.56, ìgbà yẹn ni kóo bọ́ sí ínṣì 3, ó ń jẹ 133, mítà 40 jẹ́ 5.3. Ìyà tó wọ AHU-1 àti 2, ínṣì 2 àbọ̀ ni. Ínṣì 2 máa kọjá 440 lórí mítà kan, eré ẹ̀ náà á ti pọ̀ jù fún páìpù kékeré, wọ́n á máa gbọ́ ariwo ẹ̀ nínú yàrá ìpàdé.

Torí náà páìpù gbọọrọ dé AHU-4 jẹ́ 31.4, fi ìdajì ẹ̀ lé e fún ẹ́bò àti tíì, 47. Ohun tí ìwọ náà ní nìyẹn, o ò ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ìdajì yẹn àfojúbù ni o. Tí dúrọ́ìn bá ti parí, ka ẹ́bò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí yàrá ẹ̀rọ tó kún fún ẹ́bò lè mú kí ó ju ìdajì lọ.

Ní báyìí ká rin ọ̀nà méjèèjì. AHU-4: páìpù 47, kọ́ìlì 25, fáàfù kọ̀ntírólù 30, asẹ́ àti bálánsì 15, ó jẹ́ 117. AHU-1: apá kìíní 19.8, fi ìdajì lé e, 29.7, páìpù ìyà tiẹ̀ 1.5, kọ́ìlì 62, fáàfù 30, asẹ́ àti bálánsì 15, ó jẹ́ 138. Ẹni tó wà nítòsí gan-an ló nira jù! Tóo bá ra pọ́ǹpù lórí 117, AHU-4 á ní omi tó, AHU-1 á máa pòùngbẹ, wàá sì máa wá àìsàn lọ sí ìparí ilé nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló wà.

138 jẹ́ mítà 14.1, fi ìdá mẹ́wàá kan lé e, mítà 15.5 ní lítà 15.2. Agbára tó máa gbà lórí ọ̀pá mọ́tò jẹ́ bíi kílówáàtì 3.6 tí iṣẹ́ pọ́ǹpù náà bá dára tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní mítà 48 ó máa fẹ́ 11.

Ẹnjiníà Tákìé

Bàbá, mo júbà. Ti ṣílà yẹn mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ní àtakò kékeré. Ẹ jẹ́ kó ra èyí tó tóbi díẹ̀, ká ní mítà 25, kó wá fi fáàfù pa á. Àjùlọ ò pa èèyàn, àìtó ló ń pa èèyàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, oṣù kẹta, oòrùn ò mọ ìṣírò.

Àdùnní Mẹ́ńtẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ àjùlọ yẹn, torí àjùlọ yẹn gan-an ló fìyà jẹ mí. Ilé ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo ooru lójoojúmọ́, a dé ọ̀dọ̀ ṣílà, ojú ẹ̀ ń kọ 7, kò sí àṣìṣe kankan lórí ẹ̀. Wọ́n ní gáàsì ló dínkù, wọ́n bu gáàsì sí i. Wọ́n ní kọ́ìlì dọ̀tí, a fọ kọ́ìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ooru ò lọ. Ẹni tó nilé ti ń sọ pé ká ra ṣílà kẹta.

Ọjọ́ kan ni mo gbé tẹmómítà, mo tú ìbora páìpù ní ibi méjì, mo fi ẹnu ẹ̀ kan irin, mo sì fi fóòmù bò ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ yàrá má ràn án. Ibi àkọ́kọ́ wà kí omi tó dé tíì páìpù afárá, ó kà 7.1. Ibi kejì kò ju ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, lẹ́yìn tíì yẹn, ó kà 8.4. Mo tún un kà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fọwọ́ kan páìpù afárá fúnra ẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju páìpù àlọ lọ. Omi tó ń bọ̀ láti inú ilé ló ń gba afárá padà lọ pọ̀ mọ́ omi tútù! Pọ́ǹpù sẹ́kọ́ńdírì ló tóbi jù, ó ń fa omi ju ohun tí ṣílà ń pèsè lọ, ó wá ń fi omi gbígbóná dí àlàfo. Omi tó ti gbóná díẹ̀ yẹn ló ń lọ sínú gbogbo àpótí, kò sí bí wọ́n ṣe máa tutù.

Bàbá Ṣílà

Ẹ ṣeun ìyá mi. Ẹnjiníà Tákìé, ẹ rí ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ti gbọ̀ngàn yìí ṣe é. Pọ́ǹpù mítà 25 tàbí 48 tó bá dé orí lúùpù tó nílò 14 péré, kò ní dúró sí 15.2, omi á pọ̀ sí i títí agbára pọ́ǹpù àti ohun tí páìpù ń jẹ máa fi pàdé. Ká ní ó fa 20. Ṣílà méjèèjì ò lè pèsè ju 15.2 lọ ní dígíríì 7. 4.8 tó kù á gba afárá wá ní 12.5. Ẹ pò wọ́n pọ̀:

```
(15.2 × 7 + 4.8 × 12.5) / 20 = 8.3
```

8.3 ló ń lọ sínú ilé. Kọ́ìlì tí wọ́n yàn lórí omi 7 ò ní lè yọ omi tó wà nínú atẹ́gùn dáadáa ní 8.3, gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá wà nínú ẹ̀ á máa móoru bí ilé ìdáná. Fáàfù kọ̀ntírólù wọn náà á ṣí sílẹ̀ tán torí wọn ò tutù tó, ṣíṣí yẹn á tún mú kí omi pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún á wá máa bí ara ẹ̀.

Fífi fáàfù pa á tí ẹ sọ, ó ṣe é ṣe, omi á padà sí 15.2. Ṣùgbọ́n dísẹ́lì tí ẹ fi gbé agbára yẹn ti jóná sínú fáàfù.

Ẹnjiníà Tákìé

Mo ti gbọ́. Mo yọwọ́ nínú mítà 25. Ṣùgbọ́n ìyá Àdùnní, kí lẹ wá ṣe sí i níkẹyìn?

Àdùnní Mẹ́ńtẹ́

A kọ́kọ́ fi fáàfù ẹnu pọ́ǹpù pa á díẹ̀díẹ̀, mò ń wo tẹmómítà méjèèjì bí wọ́n ṣe ń pa á, títí tí ìwọ̀n méjèèjì fi sún mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ariwo dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí owó ínífátà tó ń dín eré mọ́tò kù, a ṣí fáàfù padà, a sì dín eré kù. Mo rántí pé nígbà tí eré ẹ̀ wá sí bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iná tó ń fà wá sí bí ìdajì.

Èmi wá ní àmọ̀ràn kan fún ỌmọAjílété o. Fi ṣẹ́ẹ̀kì fáàfù sórí páìpù afárá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kó gba omi láti àlọ sí àbọ̀ nìkan. Tó bá ti wà níbẹ̀, omi gbígbóná ò lè padà wá pọ̀ mọ́ tútù láéláé.

Bàbá Ṣílà

Níbí ni èmi àtẹ̀yin ò ti ní gbà fún ara wa, mà. Lọ́jọ́ tí sẹ́kọ́ńdírì bá fẹ́ ju práímárì lọ, tí ṣẹ́ẹ̀kì fáàfù bá ti dí afárá, àwọn pọ́ǹpù méjèèjì ti di ẹni tó ń ti ara wọn lẹ́yìn nìyẹn. Omi inú ṣílà á kọjá ohun tí wọ́n yàn fún un. Tí ṣílà kan bá wà ní pípa, pọ́ǹpù ńlá yẹn á máa gbìyànjú láti fa omi gba inú ẹ̀ náà. Ìdí tí a fi ṣe afárá ni pé kí kálukú dá wà.

Àdùnní Mẹ́ńtẹ́

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bàbá, ṣùgbọ́n ṣílà gba omi tó ju ti ìwé lọ díẹ̀, kì í kú. Ilé tó ń gbóná ni wọ́n ń pè mí sí. Tí omi bá pọ̀ díẹ̀ nínú ṣílà, ó máa ṣiṣẹ́ sí i, ó máa fún wa ní òtútù tó pọ̀ sí i. Mo ti rí àwọn tó fi sí i tó ṣiṣẹ́.

Bàbá Ṣílà

Mo ti rí wọn náà. Mo sì ti rí èyí tí ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀ há mọ́ ìdajì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Tí wọ́n bá máa fi sí i, kí wọ́n bi ẹni tó ṣe ṣílà nípa omi tó pọ̀ jù tó lè gbà, kí fáàfù tó ń tì wà lórí ṣílà kọ̀ọ̀kan. Ti afárá fúnra ẹ̀: ínṣì 4 bíi ti páìpù ńlá, má dín in kù. Jẹ́ kí àárín tíì méjèèjì tó ínṣì 20 sí 40, tó bá kúrú jù omi àlọ àti àbọ̀ á máa gún ara wọn. Tó bá gùn jù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ agbára, àwọn pọ́ǹpù á sì tún rí ara wọn. Jẹ́ kí wọ́n ṣe ihò tẹmómítà sí iwájú àti ẹ̀yìn tíì, kí ẹnikẹ́ni má máa tú ìbora bíi ti ìyá wa.

Plọ́ḿbà Sábó

Èmi ní ìbéèrè kan. Tí pọ́ǹpù bá wà lórí 138 torí AHU-1, AHU-4 tó nílò 117 ńkọ́? Ṣé kò ní gba omi jù?

Bàbá Ṣílà

Ó máa gbà á jù, 21 ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ fáàfù bálánsì nìyẹn, ẹ pa tiẹ̀ títí tó fi jẹ 21 yẹn tán. AHU-2 ló ní àjẹṣẹ́kù jù, 32. Ti AHU-1 ni kó wà ní ṣíṣí gbayawu. Ọjọ́ tí ẹ bá bálánsì tán, tí ẹ bá rí i pé kò sí èyí tó ṣí gbayawu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ mọ̀ pé pọ́ǹpù yín ṣì tóbi jù.

ỌmọAjílété

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, mo wà ní sáìtì báyìí. Mo ṣí tapólì, mo wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí AHU-1. Wọ́n kọ kílópásíkà 62 síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀ wọ́n kọ omi lítà 3.8 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Kì í ṣe 3.04 tiwa! Ti AHU-2 kọ 3.04. Kí ni ká wá ṣe sí i?

Bàbá Ṣílà

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí mo ń béèrè lánàá nìyẹn. Pín 70 sí 4.19 nígbà 3.8, dígíríì 4.4 ni wọ́n fi yan kọ́ìlì yẹn, kì í ṣe 5.5. Ohun tí kọ́ìlì ń jẹ máa ń tẹ̀lé omi nígbà ara ẹ̀, torí náà:

```
62 × (3.04 / 3.8)² = 39.7
```

Tó bá jẹ́ 3.04 la fún un, ọ̀nà AHU-1 wá sílẹ̀ sí 116, AHU-4 ṣì wà ní 117, hẹ́ẹ̀dì á jẹ́ mítà 13 pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀. Ní 3.04 kọ́ìlì yẹn ò ní fún ẹ ní 70 pé, iye tó máa dín kù, ẹni tó ṣe é nìkan ló lè sọ ọ́. Tóo bá sì fún un ní 3.8 tó fẹ́, sẹ́kọ́ńdírì ti di 15.96, práímárì ṣì wà ní 15.2, díẹ̀ nínú omi gbígbóná á ti máa gba afárá padà lọ́jọ́ tí ilé bá kún.

Ẹnjiníà Tákìé

Èmi rò pé kó fún un ní 3.04, kó gba ohun tó bá fún un. Yàrá wo ni AHU-1 ń fẹ́ sí?

ỌmọAjílété

Ibi ìdáná àti yàrá tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ jáde ni sà.

Àdùnní Mẹ́ńtẹ́

Ìdáná? Ibẹ̀ ni èèyàn ò gbọ́dọ̀ dín kù sí o. Àwọn tó ń se ìrẹsì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé á fi ìwé ìránṣẹ́ ṣọwọ́ sí ẹ.

Bàbá Ṣílà

Àbúrò, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe kọ́ìlì yẹn lónìí, fi nọ́ńbà ara ẹ̀ sí i, kí wọ́n tún un ṣe lórí omi 7 wọlé, 3.04, pẹ̀lú ìwọ̀n atẹ́gùn tó wà lórí ìwé tìẹ, kí wọ́n kọ kílówáàtì tó máa jáde àti kílópásíkà tó máa jẹ. Má san owó pọ́ǹpù kó tó dé. Práímárì ni kóo lè rà báyìí, kò sí ohun tó kàn án nínú gbogbo èyí.

ỌmọAjílété

Mo ti kọ ọ́ bàbá. Mo tún ti sọ fún ẹni tó ń ta pọ́ǹpù pé 48 ti kú, inú ẹ̀ ò dùn. Tí ìwé kọ́ìlì bá dé màá gbé e síbí.